Bí A Ṣe Ń Yọ Ìbuwọ́lù Kúrò Lára Ìwé

Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò lára ìwé tí a fi ẹ̀rọ ya sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò fi ku yíǹkì nìkan, tí kò ní sí bébà kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ara, lẹ́bàá Ẹdẹ, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìwé ẹ̀rí 240 tí yóò buwọ́ lù kí sáà tó parí, àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ sì ni ìwé náà. Ó buwọ́ lu bébà funfun kan, ó ní kí akọ̀wé fi í sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ẹ̀rí náà. Akọ̀wé gé àwòrán ìbuwọ́lù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kí ni a rí? Àpótí funfun kan jókòó sórí ìwé aláwọ̀ ewé, ó bo ìlà tí ó yẹ kí ọwọ́ náà wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò mọ̀ pé a lẹ̀ ẹ́ ni, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìwé ẹ̀rí ọmọlọ́mọ.

Kí a tó mọ àtúnṣe rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ bí àwòrán inú kọ̀ǹpútà ti rí. Ó dà bí aṣọ òfì tí a fi òwú tín-ínrín hun. Ẹyọ kéékèèké onígun mẹ́rin ni ó para pọ̀ di àwòrán, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tó dúdú kirikiri jẹ́ 0, èyí tó funfun báláú jẹ́ 255. Àwọn tó wà láàárín ni eérú-eérú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fọwọ́ kan ibi funfun, wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà mú gbogbo funfun tó so mọ́ ọn, wọ́n á sì pa á rẹ́. Ọ̀nà yìí kò dára tó, nítorí ohun méjì. Àkọ́kọ́, funfun tó wà nínú ihò lẹ́tà, bí inú «o» tàbí «a», kò so mọ́ ti ìta, nítorí náà yóò kù síbẹ̀. Èkejì ni etí yíǹkì. Ẹ wo ẹni tó ń pa aṣọ láró: aró kì í dúró gán-an níbi tí a fi í sí, ó máa ń rá sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí ìbuwọ́lù rí. Àwọn ẹyọ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ìdajì yíǹkì, ìdajì bébà. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, bébà inú wọn yóò yọ bí òjé funfun yí ọwọ́ náà ká. Bí a bá sì pa wọ́n rẹ́, etí ọwọ́ náà yóò rí págunpàgun bí ayùn.

Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ gaara bí gíláàsì ní ìwọ̀n bébà tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ bébà pátápátá yóò mọ́ gaara pátápátá. Èyí tó jẹ́ yíǹkì pátápátá yóò dí. Èyí tó jẹ́ ìdajì yóò dí ní ìdajì. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí à ń pè ní GIMP lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀gá buwọ́ lu bébà funfun tí kò ní ìlà, pẹ̀lú kálàmù dúdú tó hàn dáadáa. Bí ìbuwọ́lù bá gun orí ìlà tàbí òǹtẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní mọ èyí tó jẹ́ ọwọ́ àti èyí tó jẹ́ ìlà. Ẹ fi ẹ̀rọ yà á ní aláwọ̀, ní 300 ẹyọ fún íńṣì kan. Ìbuwọ́lù tó fẹ̀ ní íńṣì 2 yóò wá ní 600 ẹyọ ní ìbú, èyí sì tó fún títẹ̀.

Ẹ ṣí i nínú GIMP, kí ẹ gé ibi tí ìbuwọ́lù wà nìkan. Bébà tí ojú wa ń pè ní funfun kì í jẹ́ 255. Ká ní nínú àwòrán tiwa bébà jẹ́ 240, yíǹkì sì jẹ́ 30. Ẹ lọ sí `Colors`, kí ẹ yan `Levels`. Lábẹ́ `Input Levels`, ẹ fa ọfà dúdú sí 30, kí ẹ sì fa ọfà funfun sí 240. Báyìí bébà di 255, yíǹkì di 0, ẹyọ etí tó jẹ́ 135, tí ó wà láàárín gbùngbùn, bọ́ sí nǹkan bí 128.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí `Colors`, kí ẹ yan `Color to Alpha`, kí àwọ̀ tí a fẹ́ yọ jẹ́ funfun. Bébà pòórá, inú ihò lẹ́tà pẹ̀lú pòórá, ẹyọ etí wa sì dí ní ìdajì gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹ yan `Image`, lẹ́yìn náà `Crop to Content`, kí àyè òfo lè kúrò. Ní ìparí, ẹ lọ sí `File`, `Export As`, kí ẹ fún un ní orúkọ tó parí sí `.png`. Ẹ má ṣe lo `.jpg`, nítorí irú fáìlì yẹn kò lè tọ́jú ohun tó mọ́ gaara. Yóò dá àpótí yẹn padà.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ náà pé? Ẹ má ṣe fi bébà funfun dán an wò, nítorí ó máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ fi í lé orí àwọ̀ ìyeyè. Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí fẹ́ẹ́rẹ́ bí èéfín yí i ká, òjìji wà lórí bébà nígbà tí a ń yà á. Ibi tí òjìji bá sọ bébà di 228, `Levels` wa yóò sọ ọ́ di 240 péré, kì í ṣe 255, nítorí náà díẹ̀ yóò kù níbẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ fa ọfà funfun wá sí 225. Ṣùgbọ́n ẹ má fà á jù, torí pé fífà tó pọ̀ jù ni ó ń jẹ àwọn ìlà tín-ínrín níbi tí kálàmù ti gbéra. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í lé orí àwọ̀ tó dúdú díẹ̀. Bí òjé funfun bá hàn, a jẹ́ pé pípa rẹ́ ni ẹnì kan ṣe, kì í ṣe `Color to Alpha`.

Ó ku ohun kan. Fáìlì yìí kò mọ olówó rẹ̀. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ lè fi í buwọ́ lu ìwé tí ọ̀gá kò rí rí. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Kọ̀ǹpútà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015, sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ayélujára tàbí kọ̀ǹpútà ṣe ayédèrú ọwọ́ ẹlòmíràn láti fi rẹ́ni jẹ lè lọ sẹ́wọ̀n tó ọdún 7. Òfin kan náà, bí ó ti jáde ní ọdún 2015, yọ ìwé ìhágún, ìwé ẹ̀rí ìbí àti ìwé ẹ̀rí ikú sílẹ̀ nínú ohun tí a lè fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Nítorí náà, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ máa tọ́jú fáìlì náà, kí ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, kí ó máa kọ iye ìwé tí a fi í tẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Kí ìwé ẹ̀rí tó jáde sì jẹ́ èyí tí a ti tẹ̀ sórí bébà, kí a má ṣe fi fáìlì ìbuwọ́lù gan-an ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹni kan bá mú ìwé ẹ̀rí kejìlélógójì-lé-nígba wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé àkọsílẹ̀ yóò fi hàn pé 240 péré ni a tẹ̀.