Ọpẹ́ Ọjọ́ Kejì

Ní oṣù Èbìbí ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìṣègùn àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan. Wọ́n ń wọn ìfúnpá àwọn àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọjà, ní ilé ìjọsìn, ní ibi iṣẹ́, káàkiri orílẹ̀-èdè 80. Nàìjíríà wà lára wọn. Èèyàn tí wọ́n wọ̀n lọ́dún àkọ́kọ́ náà lé ní 1,200,000, ọwọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní àwọn ìlú wa mọ́. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú lè gbé e kalẹ̀, ó sì lè jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Tí ilẹ̀ bá wá ṣú, alága á gbé fóònù, á kọ ọ́ sójú Wátsáàpù pé: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á san yín lẹ́san.” “Àmín” á máa wọlé tẹ̀ léra wọn. Àdúrà dára, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó dúró sínú oòrùn láti àárọ̀, tó ń darí ọkọ̀, kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni rí òun.

Láyé àtijọ́, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Àgbẹ̀ tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ro oko nínú àáró mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá ro tòun: iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ á se oúnjẹ, á wá ẹmu, àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́ á yó kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó wá bá ìlú wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní oko tí ìlú fẹ́ bá a ro, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fún un lọ́sàn-án kò sì tó nǹkan tí èèyàn ń pè ní owó ọ̀yà. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ nìkan ló kù tí yóò dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kó dé ọwọ́ rẹ̀ kò le. Ilé Yorùbá ti yanjú ìyẹn tipẹ́: ẹni tí wọ́n ṣe lóore lánàá á jí, á sọ pé “ẹ ṣé àná o.” Alẹ́ ọjọ́ ètò kò dára fún ìwé ìdúpẹ́, torí ó ti rẹ ẹni tó fẹ́ kọ ọ́, orúkọ á sì máa bọ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló dára jù. Tó bá kọjá ọjọ́ kẹta, àwọn èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọn ò tilẹ̀ dúpẹ́.

Orúkọ ni wàhálà máa ń ti wá. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí á rántí àwọn tó jókòó síwájú, àwọn dókítà, àti ẹni tó gbé owó wá. Á gbàgbé àwọn tó gbálẹ̀ gbọ̀ngàn kí ojúmọ́ tó mọ́, àwọn tó dúró kó àga padà nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ, àti aládùúgbò tó jẹ́ kí wọ́n fa iná láti ilé rẹ̀. Nítorí náà, ìwé ìdúpẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ètò: kí ẹnì kan mú ìwé àjákọ kan dání, kó máa kọ ẹni tó wà níbì kan àti aago tó dé ibẹ̀. Kí wọ́n tó fi ìwé náà ránṣẹ́, kí wọ́n kà á fún ẹnì kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà àti ẹnì kan tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àwọn ni yóò sọ ẹni tó sọnù nínú rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ tún gbọ́dọ̀ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Kí a tó wọn ìfúnpá ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó ti jókòó sinmi fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó má sọ̀rọ̀, kí apá rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà. Nínú ètò ọdún 2017 yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìlànà ní kí wọ́n wọn èèyàn kan. Ẹni tó ń tọ́jú àga ìsinmi, tó ń sọ fún àwọn ìyá ọjà pé “ẹ ní sùúrù, ẹ jókòó ná,” lè dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ kí wọ́n ti inú oòrùn wọlé tààrà, ẹ̀rọ á gbé nǹkan tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, ara ẹni tí nǹkan kan kò ṣe á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. “Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ takuntakun” kò sọ nǹkan kan nínú èyí.

Ká ní irú ètò bẹ́ẹ̀ wáyé ní gbọ̀ngàn ìlú kan lọ́jọ́ Sátidé. Ìwé ìdúpẹ́ rẹ̀ lè lọ báyìí, pẹ̀lú orúkọ oníkálukú níwájú iṣẹ́ rẹ̀:

“Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ ṣé àná. A kí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè tó yọ̀ǹda gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin mẹ́ta tó ti débẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí ẹ gbálẹ̀, tí ẹ to àga, a rí yín. Ẹ̀yin tó ń kọ orúkọ, ìwé yín mọ́ débi pé a ti pe gbogbo àwọn tó yẹ kó lọ sí ọsibítù. Àbúrò wa tó tọ́jú àga ìsinmi, àwọn nọ́ọ̀sì sọ pé ìwọ lo jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ṣeé gbára lé. Bàbá tó yá wa ní jẹnẹrétọ̀, epo tí ẹ rà kún un, a mọ̀. Ọlọ́kadà wa tó gbé àwọn arúgbó lọ sílé láìgba kọ́bọ̀, a dúpẹ́. Àga tó pọ̀ kò sí fún àwọn tó ń dúró níta, àwa ni a kò ṣètò yẹn dáadáa. Ẹ bá wa sọ ohun mìíràn tí ẹ rí.”

Bí iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣe tẹ̀ léra ni orúkọ ṣe tẹ̀ léra níbẹ̀, kì í ṣe bí ipò ṣe ga sí. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Ní ìlú tí oyè ti ń fa ìjà, kò sẹ́ni tó lè bínú pé wọ́n pe ẹni tó gbálẹ̀ ṣáájú òun, torí gbígbálẹ̀ ló ṣáájú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣi oyè ẹnikẹ́ni kọ. Alhaji tí wọ́n pè ní Ọ̀gbẹ́ni kò ní ka ìyókù. Ó dára kí àwọn tó fi owó ṣèrànwọ́ ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ owó á bo iṣẹ́ ọwọ́ mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé náà láé. Ká ní ọlọ́kadà sáré gbé ìyá kan lọ sí ọsibítù nítorí ìfúnpá rẹ̀ ga púpọ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ṣùgbọ́n má dárúkọ ìyá náà, má sì sọ àdúgbò rẹ̀, má sọ ohun tó ń tà. Nínú ìlú kékeré, ìdajì orúkọ ti tó.

Ó ku ìmọ̀ràn tí wọ́n ń béèrè fún ti ọdún tó ń bọ̀. Ojú Wátsáàpù kò dára fún un. Níbi tí alága àti àwọn àgbà wà, ọ̀dọ́ wo ló máa sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣíde gùn débi pé àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé? Kí wọ́n yan ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀gá, kó máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, tàbí kó gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù fún àwọn tí kì í kọ̀wé. “Báwo lẹ ṣe rí i?” kò ní mú nǹkan kan wá ju “ó dára” lọ. Kó béèrè pé: ìgbà wo lẹ dúró láìríṣẹ́ ṣe? Kí ló tán kí èèyàn tó tán? Iṣẹ́ wo ni wọ́n yàn fún yín tí ẹ kò fẹ́ ṣe mọ́? Bí èèyàn mẹ́rin bá sọ pé bátìrì ẹ̀rọ kú kí ọ̀sán tó pọ́n, kò tún sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìpàdé ètò tó kàn bá dé, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n ti yí padà: a ti ra bátìrì sí i, ọ̀rọ̀ ìṣíde kò ní kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìbòòji wà fún àwọn tó ń darí ọkọ̀. Èyí tí agbára kò ká, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó dá ìmọ̀ràn náà wá á gbọ́ ọ lórí ìjókòó, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ nígbà tí wọ́n bá ń béèrè ẹni tí yóò tọ́jú ẹnu ọ̀nà.