Kí Ọmọ Kòkó Tó Wọ Mọ́tò

"Ọmọ kòkó tó dára wà." Bí ọ̀pọ̀ òǹtajà ṣe ń kọ ọ́ sórí fóònù nìyẹn. Àgbẹ̀ tó wà ní Oǹdó, tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ ará Ìbàdàn, kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀.

Ọmọ kòkó tó tó gbìn sóko máa ń tó oṣù 4 sí 6 nínú ọ̀rá. A máa ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí kó lé díẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì nípọn tó pẹ́ńsù. Gíga nìkan ò tó wò o. Èyí tó ga tẹ́ẹ́rẹ́, àìrí ìmọ́lẹ̀ ló fà á gùn. Èyí tó sì ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá, gbòǹgbò àárín rẹ̀ á ti ká mọ́ ìdí ọ̀rá, tàbí kó ti dá a lu wọnú ilẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e, gbòǹgbò á já. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí òǹtajà kọ oṣù tó gbin hóró rẹ̀, kó sì ya fọ́tò ìdí ọ̀rá mọ́ ti ewé.

Abẹ́ ìbòòji ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ kòkó. Bó bá kù díẹ̀ kó lọ oko, wọ́n á máa dín imọ̀ ọ̀pẹ orí rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ ọn lára. Bí òǹtajà kò bá tíì ṣe èyí, kó sọ ọ́, torí oòrùn ọ̀sán gangan á jó ewé rẹ̀. Ní ti omi, kí iyẹ̀pẹ̀ máa tutù, kó má rin gbingbin. Omi àpọ̀jù á sọ ewé di pupa rẹ́súrẹ́sú, ìdí igi á sì jẹrà.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bí mọ́tò bá já a sílẹ̀, ewé á ti rọ, etí àwọn kan á ti gbẹ nítorí atẹ́gùn, ewé tuntun tó wà lórí pátápátá sì lè rẹ̀ dànù. Kò tíì kú. Fi èékánná ha èèpo igi rẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè, bó bá gbẹ tó sì dúdú, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá bá ti fọ́ túká, gbòǹgbò ti fara gbá nìyẹn, kódà bí ewé ṣì ń dán.

Bí èmi ni mo ń tà á, ohun tí màá kọ nìyí: "Ọmọ kòkó oṣù 5, nínú ọ̀rá. Gíga: ẹsẹ̀ bàtà kan sí kan àbọ̀. Ó ti mọ oòrùn òwúrọ̀, kò tíì mọ ti ọ̀sán. A bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò. Ewé á rọ bó bá dé: tò ó ní ìdúró sábẹ́ igi, bomi rin ín, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó o tó gbìn ín sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá fọ́ tàbí tí ìdí rẹ̀ bá jẹrà, ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé, a ó fi òmíràn rọ́pò."