Àbàjà Ló Wà Nínú Fọ́tò Yẹn, Kì Í Ṣe Orúkọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àpèjúwe. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àlejò kan wọ agbo ilé kan ní Ṣakí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Baálé, ó ní Tàmàlé ní ilẹ̀ Gáná ni òun ti ń bọ̀. Ó fa fọ́tò àtijọ́ kan yọ nínú àpò, fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí etí rẹ̀ ti ń gé.

"Bàbá, bàbá tó bí bàbá mi nìyí. Agbo ilé yìí ló ti jáde. Ẹ wo àbàjà ojú rẹ̀. Ẹ wo àmì dúdú tó wà lábẹ́ etí rẹ̀ ọ̀tún. Bàbá mi ní in, èmi náà ní in."

Ó yí ọrùn, àmì dúdú sì wà lábẹ́ etí rẹ̀ ọ̀tún lóòótọ́. Ni àwọn ìyá bá bú sẹ́kún ayọ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ò sunkún ní tiwọn o. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín lẹ́yìn ilé ni wọ́n ń rò.

Ọ̀rọ̀ àlejò náà kì í ṣe ohun téèyàn lè fi ẹ̀rín gbé dànù. Àwọn ará Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì wà lára àwọn Yorùbá tó lọ ṣòwò káàkiri ilẹ̀ Gáná, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ ló padà sílé, àwọn mìíràn sì gba ibòmíràn lọ. Nítorí náà, ó lè jẹ́ ọmọ ilé lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí Baálé bá ṣìnà, yálà ó lé ọmọ baba rẹ̀ dànù, tàbí ó gbé ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni. Ìbéèrè wa ni pé, àbàjà àti àmì inú fọ́tò yẹn, ṣé wọ́n tó ohun téèyàn lè fi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?

ILÀ AGBO ILÉ NI, KÌ Í ṢE ILÀ ẸNÌKAN

Ẹ jẹ́ ká ti ojú ilà bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Sámúẹ́lì Johnson kọ, tó jáde lọ́dún 1921, ó ṣàlàyé pé ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó sùn gbọọrọ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ni àbàjà. Ó tún sọ̀rọ̀ pélé, ìyẹn ìlà kéékèèké mẹ́ta tó dúró ṣánṣán, àti gọ̀mbọ́ tó gba ojú kan. Kí ni wọ́n ń kọ wọ́n fún? Kí àwọn èèyàn lè mọ ìlú tàbí ìdílé tí ẹni náà ti wá ni. Ohun tí gbogbo ọmọ ilé bá jọ ní ló wúlò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni kò jẹ́ kó wúlò fún iṣẹ́ kejì, ìyẹn ká mọ èwo nínú àwọn ọmọ ilé náà lèyí.

Láyé ìgbà tí ilà pọ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n á sọ fún. Ẹni tó bá dúró ní ọjà Ìsẹ́yìn á rí àbàjà lójú ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó ra iyọ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ewu wà, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa kì í rí ilà mọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 tilẹ̀ kà á léèwọ̀, ní abala 24, pé kí ẹnikẹ́ni kọ ilà tàbí fín àmì sọ́mọdé lára. Ọmọ ogún ọdún tó bá wá rí àbàjà nínú fọ́tò, àfi bíi pé òǹtẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni. Ó jọ ọ́ lójú nítorí pé kò rí irú rẹ̀ rí, kì í ṣe nítorí pé irú rẹ̀ kò sí.

Àbàjà fọ́tò yẹn lè sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà jẹ́ ará Ọ̀yọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ETÍ Ọ̀TÚN TA NI?

Ẹ padà wá wo àmì dúdú yẹn. Nínú fọ́tò náà, ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wò ó ni àmì wà. Ṣebí ẹni tó kọjú sí wa, ọ̀tún tiwa ni òsì tirẹ̀? Nítorí náà, etí òsì bàbá yẹn ni àmì wà, etí ọ̀tún sì ni ti àlejò. Àwọn tó ń sunkún ayọ̀ ò rò ó dé ibẹ̀.

Àmọ́ kí Baálé má tíì lé e o. Fọ́tò gan-an lè yí padà. Fíìmù ayé àtijọ́ ní ojú méjì: ojú kan ń dán, ìkejì kò dán. Nígbà tí onífọ́tò bá fẹ́ fọ ọ́ sórí pépà, ojú tí kò dán ló gbọ́dọ̀ kọ sí pépà. Bó bá ṣèèṣì dojú rẹ̀ dé, òsì á di ọ̀tún, ọ̀tún á di òsì, fọ́tò náà á sì mọ́ kedere bíi pé kò sóhun tó ṣe é.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Fọ́tò olókìkí kan wà tí wọ́n ya ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Billy the Kid ní nǹkan bí ọdún 1880. Orí irin pẹlẹbẹ ni wọ́n yà á sí tààrà, láìsí fíìmù láàárín, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì máa ń yí ọ̀tún sí òsì bíi ti dígí. Ìbọn rẹ̀ wà ní ìdí òsì nínú fọ́tò náà, ni ayé bá gbà pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Wọ́n fi ìyẹn sọ orúkọ fíìmù sinimá kan lọ́dún 1958. Ìbọn gígùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì ló tú àṣírí: ẹnu tí wọ́n ń gbà ki ọta sí i, tó yẹ kó wà lápá ọ̀tún, apá òsì ló wà nínú fọ́tò. Fóònù ọwọ́ wa lónìí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi ojú iwájú rẹ̀ ya ara yín, fóònù mìíràn á tọ́jú fọ́tò náà bíi ti dígí, òmíràn á yí i padà bó ṣe yẹ.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀? Ẹ wá lẹ́tà. Bí orúkọ bá wà lára ògiri, tàbí bí ẹni náà bá fín orúkọ rẹ̀ sí apá, bí àwọn kan ti ń ṣe, ẹ wò ó bóyá ó ń kà sẹ́yìn. Bí kò bá sí lẹ́tà, ẹ wo bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin: apá òsì ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa ń gun orí ọ̀tún. Aago ọwọ́ náà lè ṣèrànwọ́, àmọ́ kò dájú tó lẹ́tà.

ÌBEJÌ TÓ NÍ ÀMÌ KAN NÁÀ

Ẹnìkan lè ní, "Ó dáa, èèyàn ló ń kọ ilà. Àmì ìbí ńkọ́? Ọwọ́ Ọlọ́run ló ti wá." Òótọ́ ni, àmọ́ fọ́tò kì í ṣe ọwọ́ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ ká dé Ìlá Ọ̀ràngún. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ìlú náà, kọ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1978. Ó rí i pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n, onífọ́tò á ya èyí tó kù ní òun nìkan. Á wá fọ fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, tí Táyé àti Kẹ́hìndé á fi jókòó pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, ìkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ ọkùnrin, lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ obìnrin.

Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ìyá mọ ohun tó fẹ́, onífọ́tò mọ ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó lè dé bá àmì ìbí. Bí Táyé tó yè bá ní àmì dúdú lẹ́rẹ̀kẹ́, Kẹ́hìndé tó ti kú á ní in nínú fọ́tò, níbì kan náà gan-an. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, nígbà tí ìyá àti onífọ́tò ti lọ, àwọn ọmọ-ọmọ á máa fi ìka han ara wọn pé, "Ẹ ò rí i bí? Àwọn méjèèjì ló ní in!" Ẹni tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lè yọjú lọ́jọ́ kan, kó ní òun ni ọmọ Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé tí kò pé ọdún méjì láyé!

Ohun tó yẹ kó fura sí wọn gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí. Àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu kì í sábà ní àmì ìbí kan náà níbì kan náà. Bí ẹ bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìka ọwọ́ àwọn méjèèjì àti bí aṣọ wọn ṣe ká. Ẹ wo bóyá ìlà kan là á láàárín níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ọmọ kan lẹ ń wò.

ÀPÁ PÉPÀ ÀTI ÀPÁ ARA

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa àpá. Eruku tó bà lé fíìmù máa ń hàn bí àmì funfun lórí fọ́tò. Bí nǹkan bá ha fíìmù títí tí ohun tó wà lójú rẹ̀ fi bó, ìlà dúdú ló máa ń dà. Ìlà dúdú bẹ́ẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ èèyàn, ta ni kò ní pè é ní àpá ọ̀bẹ? Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, àwọn onífọ́tò ń fi pẹ́ńsù tún ojú oníbàárà wọn ṣe lórí fíìmù, tí àpá gidi á fi pòórá. Nítorí náà, àpá tí ẹ rí lè máà sí, èyí tí ẹ ò rí sì lè wà. Ẹ bi pé, ṣé fọ́tò mìíràn wà tí wọ́n yà lọ́jọ́ mìíràn? Ẹ̀dà kejì láti ara fíìmù kan náà kò ṣe é, nítorí á tún àṣìṣe kan náà sọ ni.

KÍ NI KÍ BAÁLÉ ṢE?

Kó gba àlejò ní àlejò, kó fún un lóúnjẹ, kó má sì tíì fún un ní ilẹ̀. Kó yí ẹ̀yìn fọ́tò wò bóyá òǹtẹ̀ onífọ́tò àti ọjọ́ wà níbẹ̀. Kó béèrè fọ́tò kejì bàbá náà. Bí àmì bá tún hàn níbì kan náà, a ti mọ̀ pé ara bàbá ló wà. Ìyẹn náà ò sọ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lèyí, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ àmì ìbí kì í ṣe àjogúnbá. Kó béèrè orúkọ àwọn tó jọ lọ sí Gáná, ọ̀nà oko wọn, ẹni tó sin ìyá bàbá náà. Bó bá kù síbẹ̀, tí àlejò sì ní ọkùnrin ló so òun mọ́ ilé náà látòkè délẹ̀, àyẹ̀wò DNA tó ń tọ ìlà baba sọ́mọkùnrin lè fi òun àti ọmọkùnrin ilé wéra.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àmì kan lára pépà, ẹnu ẹlẹ́jọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹ jẹ́ kí ìkejì sọ tiẹ̀ kí ẹ tó dájọ́. Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ti dé ilé rẹ̀ rí, kó kọ ìwé sí wa, kó má ṣe fi fọ́tò gan-an ránṣẹ́ o.