Ọ̀pá Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Yẹ́lò Háòsì

Oòrùn ò tíì mú tí mo fi dé orí pápá. Ilé-ìwé girama kan ni, létí títì tó ti Ọ̀yẹ́ wọ Ìkọ̀lé, ọjọ́ intaháòsì wọn ló sì jẹ́. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà sórí ilẹ̀ pupa, kánópì háòsì mẹ́rin sì dúró yí pápá ká. Kì í ṣe eré sísá gan-an ni mo wá wò. Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mo wá jókòó tì, torí òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán tí ilé-ìwé ń gbé sórí Facebook àti Instagram.

Máàṣì-páàsì kọjá, ó ya àwòrán mẹ́ta, ó kọ orúkọ háòsì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tán.

"Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé máàṣì ni wọ́n ń ṣe, Brọ̀dá," ó ní. "Kí ni mo tún fẹ́ wí?"

Iṣẹ́ dé nígbà tó kan eré ìfipágbapá àwọn ọmọbìnrin, ẹni mẹ́rin, 100 mítà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Yẹ́lò ló wà níwájú. Bí ẹnì kẹta ṣe fẹ́ gbé ọ̀pá fún ẹnì kẹrin, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí wọ ojú ìlà ẹlòmíì. Ọmọ náà sáré lọ he é, ó padà wá, ó gbé e fún ìkejì rẹ̀, àwọn yòókù sì ti lọ. Àwòrán tí tíṣà yà ni ibi tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọ̀pá.

Ẹni mẹ́ta ló fẹ́ bá a kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù: ọpẹ́ sí Ọlọ́run, ọpẹ́ sí alága ọjọ́ náà, ọpẹ́ sí àwọn òbí, kó tó wá kan eré. Tíṣà nà án sí mi. Lórí Instagram, nǹkan bí lẹ́tà 125 àkọ́kọ́ ló máa ń hàn, ìyókù á wọ abẹ́ "more". Gbogbo ọpẹ́ ló hàn. Ọmọ tó wà nínú àwòrán ò hàn rárá. Ó kó ọpẹ́ náà lọ sísàlẹ̀ pátápátá, kò pa á rẹ́.

Kọ́pà kan ní kó kọ ọ́ pé iyán àárọ̀ ló wúwo lápá ọmọ náà. A rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè ń bọ̀, ọmọ náà á padà sí kíláàsì. Ó fi ọ̀rọ̀ iyán náà pamọ́ de eré sísá àwọn tíṣà. Àgbà lè gbé e.

Ẹnì kẹta ní kó kọ ọ́ pé wọ́n lé Yẹ́lò dànù. Gémù máàsítà ló gbà wá: nínú òfin eré ìje, ẹni tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ he é, ó lè kúrò lójú ìlà rẹ̀ lọ mú un, bí kò bá ti gé ọ̀nà kúrú, tí kò sì dí ẹlòmíì lọ́wọ́. A ò lé wọn.

Ohun tó wá kọ nìyí:

"Ọ̀pá bọ́ nígbà tí Yẹ́lò wà níwájú. Ó padà, ó he é, ó sì gbé e dé ọwọ́ ìkejì rẹ̀."

Kò tó lẹ́tà 100, kò sí "akíkanjú," kò sí ẹ̀rín ẹlẹ́kún. Kò sì sí orúkọ. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tó bá kan ọmọdé. Àwòrán nìkan ni ìwé tí àwọn òbí fọwọ́ sí mẹ́nu kàn.

Ó ku háṣítáàgì. Ní 2007 ni Chris Messina dábàá pé kí wọ́n máa fi # kó ọ̀rọ̀ jọ lórí Twitter, kíkójọ náà ló sì wà fún títí dòní. Ó kọ́kọ́ tẹ #Ikole-Ekiti, àmọ́ àmì àárín yẹn gé e, #Ikole nìkan ló di búlúù. Ó so ó pọ̀: #IkoleEkiti, láìfi àmì ohùn sí i, torí ọmọ ìlú tó ń wá a láti Lọ́ńdọ̀nù kò ní tẹ àmì. Lẹ́tà ńlá méjèèjì kò sí níbẹ̀ fún ẹwà. Ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú ń tipasẹ̀ wọn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín. Fún ilé-ìwé àlejò tó wá láti Ìdó, #Ido nìkan á kó wọn pọ̀ mọ́ Ìdó tó wà ní Ìbàdàn, nítorí náà #IdoEkiti ni. Ó fi orúkọ ìnagijẹ ilé-ìwé àti ọdún ṣe ìkẹta. Ó yọ #relay. Ọmọ Ìkọ̀lé wo la ó rí nínú ọ̀gbun yẹn?

Kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ọmọ tó ni ọ̀pá náà yọ lẹ́yìn wa, omi pọ́ọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ ò kọ ipò tí a ṣe."

Tíṣà wò ó lójú. "Ṣé kí n kọ ọ́?"

"Ìkẹrin, ma."

Ó kọ ọ́ sí i.