Ọgọ́rùn-ún Àpò Ìyẹ̀fun Tí Ìjábọ̀ Kò Dárúkọ

Ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta lè gùn tó ogójì ojú ìwé, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀gá àgbà máa ń rí àyè kà kí wọ́n tó jókòó ìpàdé. Ẹni tó ń kọ ojú ìwé náà kò lè kàn ṣe àdàkọ iye tó bá tóbi jù. Iye kan lè bo òmíràn mọ́lẹ̀.

Ká mú ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ètò ìsúná wọn, àpò ìyẹ̀fun 2,000 ni wọn yóò fi ṣe búrẹ́dì 200,000 láàárín oṣù mẹ́ta, ₦60,000 ni àpò kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù náírà 120. Nígbà tí ìjábọ̀ dé, mílíọ̀nù 129.2 ni wọ́n ti ná. Àpò 1,900 ni wọ́n lò, ₦68,000 ni wọ́n sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá kánjú á kọ ọ́ pé ìyẹ̀fun fi mílíọ̀nù 9.2 kọjá ètò nítorí ọjà wọ́n, pé wọ́n tilẹ̀ ṣọ́ àpò ọgọ́rùn-ún lò.

Ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè iye búrẹ́dì tó jáde. Búrẹ́dì 180,000 ni. Bí ètò ṣe là á sílẹ̀, àpò 1,800 ló yẹ kó tó o, kì í ṣe 1,900. A jẹ́ pé wọn ò ṣọ́ nǹkan kan lò. Àpò ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lò lé. Tí a bá fi iye owó inú ètò ṣírò rẹ̀, mílíọ̀nù 6 ni. Ọ̀wọ́n ọjà, ìyẹn ₦8,000 lórí àpò 1,900, jẹ́ mílíọ̀nù 15.2. Àpapọ̀ àlékún náà jẹ́ mílíọ̀nù 21.2, ju ìlọ́po méjì èyí tí ìjábọ̀ fi hàn lọ.

Ìdí tó fi yẹ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé kì í ṣe ẹnì kan náà ni yóò dáhùn fún wọn. Ẹni tó ń ra ọjà ni yóò ṣàlàyé ọ̀wọ́n. Ọ̀gá ìdí ààrò ni yóò ṣàlàyé àpò ọgọ́rùn-ún.

Èrè tó jọ pé ó wọlé náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ká ní mílíọ̀nù 30 ni ètò dísù, tí 20 péré sì wà nínú ìwé. Kí a wo oṣù kọ̀ọ̀kan: bí oṣù kìíní bá jẹ́ 10, tí oṣù kejì jẹ́ 10, tí oṣù kẹta sì ṣófo, bóyá ìwé owó ni wọn ò tíì kọ sílẹ̀.

Lórí ojú ìwé náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó sọ ohun tí ìpàdé máa pinnu. Lẹ́yìn ìyẹn ni tábìlì ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà: ètò, iye gan-an, ìyàtọ̀, ìdí rẹ̀ àti ojú ìwé tí a ti rí i nínú ìjábọ̀.

Kí akọ̀wé tó kọ "ìfiṣòfò" sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ọgọ́rùn-ún náà, kó kọ́kọ́ wo ìwé ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹrù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń ka àpò tí wọ́n rà sí èyí tí wọ́n ti lò, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn àpò náà ṣì wà.