Lẹ́tà Ìyá Nítorí Ọmọ Tí Ìdánwò Ń Já Láyà

Tí àyà ọmọ bá ń já nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àdúrà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ máa ń gbà. Kò burú, àmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rí ni ilé ìwé máa bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Peckham, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ṣe ìdánwò GCSE lọ́dún tó ń bọ̀. Ó kọ̀wé pé: “Ẹ̀rù ìdánwò ń ba ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́.” Ilé ìwé fèsì pé kò sọ́mọ tí ẹ̀rù ìdánwò kì í bà. Wọn ò purọ́. Òfin JCQ, ẹgbẹ́ àwọn àjọ tó ń ṣe ìdánwò, ò ka ìpayà ọjọ́ ìdánwò lásán sí ìdí tó tó. Lẹ́tà kejì ló ta yọ. Sẹ́ńkò, ìyẹn olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì, ló kọ ọ́ sí:

“Láti oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ mi ti sá jáde nínú gbọ̀ngàn. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, á máa mí gúlegúle, á ka ìbéèrè kan náà léraléra láìkọ nǹkan kan. Níbi tí ọmọ ò ti pọ̀, ó máa ń parí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà dókítà rẹ̀ wà pẹ̀lú èyí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó lo yàrá kékeré àti àfikún àkókò láti ìdánwò kíláàsì tó kàn, kí olùkọ́ sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀.”

Gbólóhùn ìparí yẹn lágbára ju lẹ́tà dókítà lọ, torí ohun tí ọmọ ń lò déédéé ni wọ́n máa ń gbà fún un lọ́jọ́ ìdánwò. Ilé ìwé fúnra rẹ̀ lè fún un ní yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ mìíràn lè bá a jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tọrọ àfikún àkókò. Ó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ìdánwò: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí wákàtí méjì. Olùkọ́ mìíràn máa ń ní kí ọmọ pààrọ̀ àwọ̀ bírò nígbà tí àkókò gbogbogbòò bá pé, kí wọ́n lè rí i bóyá ó lo àfikún náà lóòótọ́.

Lójú tèmi, ìsinmi ló yẹ irú ọmọ yìí jù. Wọ́n á dá aago dúró, á jáde lọ mí, á padà wá bá gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀. Àfikún àkókò lè wulẹ̀ fi kún ìjókòó pẹ̀lú ìpayà. Ilé ìwé ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìsinmi yẹ̀ wò, nítorí náà ẹ bèèrè rẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹwàá. Tó bá di àsìkò ìdánwò, àyè àtikó ẹ̀rí jọ ti tán.