Àtúnsọ Tó Jẹ́ Àtúnsọ Lóòótọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ iṣẹ́ ìwádìí, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí ìwé síwájú, wọ́n á wá máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bẹ̀rẹ̀" á di "pilẹ̀ṣẹ̀", "ọ̀pọ̀" á di "púpọ̀". Wọ́n gbà pé àwọn ti fi ọ̀rọ̀ ara àwọn sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó yọ bọ́tìnnì ara aṣọ tó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kò tíì rán aṣọ kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìpínrọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kà á bí ẹni pé inú ìwé ìtàn lẹ ti rí i:

"Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú mú Àjàyí Crowther ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti fi í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ti Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown, níbi tí Àjàyí ti kàwé, tó sì di Kìrìsìtẹ́nì."

Ohun tí aláàrọ̀pò á kọ nìyí:

"Lọ́dún 1821, àwọn olówò ẹrú gbá Àjàyí Crowther mú ní Òṣogùn. Wọ́n ń tà á láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí òmíràn kó tó dé Èkó, níbi tí wọ́n ti tì í wọnú ọkọ̀ àwọn Potogí. Lóṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown, níbi tí Àjàyí ti gba ẹ̀kọ́, tó sì di onígbàgbọ́."

Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kọjú sí àkọ́kọ́, ẹ̀kejì kọjú sí ẹ̀kejì, "níbi tí" méjèèjì sì dúró síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí onítàn gbà to ìtàn rẹ̀ jọ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Èyí tó tún dùn mí jù ni "ṣẹ́gun". Ìwé sọ pé wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Aláàrọ̀pò ti sọ ọ́ di ogun tí a jà tí a sì borí. Kò pinnu láti purọ́, ọ̀rọ̀ tó jọra ló ń wá, kò sì bojú wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tó dára bẹ̀rẹ̀ kí a tó mú gègé. Ka ìpínrọ̀ náà títí yóò fi yé ọ, kí o sì bi ara rẹ léèrè ohun tí o fẹ́ fi í ṣe. Ká ní ẹ̀kọ́ tí àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú rí kọ́ ní Freetown ni iṣẹ́ rẹ dá lé, ibẹ̀ ló yẹ kí gbólóhùn rẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Òṣogùn. Pa ìwé dé. Ro ìtàn náà fún ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n, tàbí fún ara rẹ, kí o wá kọ ohun tí o rò:

"Freetown ni Àjàyí Crowther ti kàwé tó sì ti gba ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e débẹ̀ lẹ́yìn tó dá ọkọ̀ Potogí tó wà nínú rẹ̀ dúró ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Kó tó wọ ọkọ̀ yẹn ní Èkó, ó ti kọjá lọ́wọ́ onírúurú olówó láti ìgbà tí wọ́n ti mú un ní Òṣogùn lọ́dún 1821."

Òpin ìtàn ti di ìbẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ọdún, orúkọ ìlú àti "ọkọ̀ ogun ojú omi" kò yí padà, nítorí orúkọ ohun gan-an ni wọ́n. Ẹni tó bá ń wá orúkọ mìíràn fún Freetown ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lásán.

Lẹ́yìn èyí ni kí o tó ṣí ìwé padà. Ohun méjì ni kí o wò. Ṣé òótọ́ inú ìwé ṣì pé, tí o kò fi èrò tìrẹ kún un? Bí o bá kọ pé inú Àjàyí dùn nígbà tí ọkọ̀ dúró, ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀, yọ ọ́. Ìkejì, fa ìlà sábẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ bá ti ìwé mu léraléra. Bí ìlà bá pọ̀, má ṣe máa tún un fọwọ́ pa. Pa ìwé dé, kí o tún un kọ látòkè. Bí gbólóhùn onítàn bá sì dára débi pé o kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbé e wọlé bó ṣe wà, kí o fi àmì àyọlò sí i.

Bó ti wù kí o tún un sọ tó, ẹni tó ṣe ìwádìí náà ló ni ìmọ̀ yẹn. Dárúkọ rẹ̀, dárúkọ ìwé rẹ̀, kí o sì kọ ojú ìwé tí o ti rí i.